Make, n8n tàbí Shortcuts: èwo ni kó máa kó kàlẹ́ńdà àti àkọsílẹ̀ yín jọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan láàárọ̀?

Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ so kàlẹ́ńdà mi àti fáìlì àkọsílẹ̀ mi pọ̀ mọ́ Telegram, àtẹ̀jíṣẹ́ 24 ni fóònù mi gbà ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń retí: ìpàdé ọjọ́ náà lókè, iṣẹ́ tí mi ò tíì ṣe nísàlẹ̀, kí n kà á tán kí n tó dìde lórí ibùsùn. Ìpàdé 6 ló wà nínú kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ 4 ló sì ń dúró dè mí nínú fáìlì. 6 lọ́nà 4, 24 nìyẹn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n tí mo so. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Látọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo nínú àwọn ohun èlò aláìníkóòdù wọ̀nyí ló dára jù fún ìjábọ̀ òwúrọ̀, ìbéèrè kan ni mo fi ń dá a lóhùn: tí nǹkan mẹ́fà bá jáde látinú oríkèé kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan nínú ẹ̀wọ̀n, kí ni ohun èlò náà ń ṣe sí wọn? Ṣé ó ń kó wọn jọ fúnra rẹ̀, àbí ó ń tì wọ́n síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi kó wọn jọ fúnra yín? Owó, ẹwà ojú ìwé àti iye áàpù tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn ìbéèrè yìí.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Make ń ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tí ẹ máa gbé sórí ẹ̀rọ yín. n8n lè gbé orí sáfà tiyín. Shortcuts sì ti wà nínú iPhone látilẹ̀. Àwọn kan á béèrè Zapier. Ohun èlò tó dáa ni, àmọ́ ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò gbà ju oríkèé méjì lọ: ọ̀kan tó ń ta iṣẹ́ jí àti ọ̀kan tó ń ṣe é. Tiwa nílò aago, kàlẹ́ńdà, fáìlì àti àtẹ̀jíṣẹ́, mẹ́rin nìyẹn ó kéré tán. Tí ẹ bá ti ń sanwó Zapier fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ lò ó. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ torí ìjábọ̀ òwúrọ̀ nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un.

## Ohun tí a fẹ́ kó jáde

Fáìlì àkọsílẹ̀ mi kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ìlà kan fún iṣẹ́ kan. Ìlà tí àmì rẹ̀ ṣófo ni iṣẹ́ tí mi ò tíì ṣe, èyí tí mo fi `x` sí ti parí:

```
- [ ] Fi ìwé owó ránṣẹ́ sí oníbàárà
- [x] Tún ọjọ́ ìrìn àjò dá
- [ ] Ka àdéhùn tuntun
```

Mo fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n náà jí ní aago 06:30, kó wo ìpàdé òní, kó ka fáìlì, kó mú àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `- [ ]` nìkan, kó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ báyìí:

```
LÓNÌÍ
Gbogbo ọjọ́  Ọjọ́ ìbí ìyá
09:00  Ìpàdé ẹgbẹ́
11:30  Dókítà eyín

IṢẸ́
- [ ] Fi ìwé owó ránṣẹ́ sí oníbàárà
- [ ] Ka àdéhùn tuntun
```

Ìrísí yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Nígbà tí mo bá ń dán ohun èlò wò, òun ni mo fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀: ṣé ó lè kọ «Gbogbo ọjọ́» síbi tí kò ti sí aago, ṣé ó lè to wọn bí wakàtí ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ṣé ó sì lè yọ ìlà tó ti parí kúrò?

## Ìpàdé mẹ́fà ní ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Make, torí ibẹ̀ ni 24 yẹn ti ṣẹlẹ̀. Lójú ìwé Make, oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ́ roboto kan, ohun tó bá sì ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní `bundle`. Tí `Search Events` ti Google Calendar bá rí ìpàdé 6, bundle 6 ló máa tú síta, oríkèé tó tẹ̀ lé e á sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èmi gbé `Download a File` sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tààrà. Nítorí náà, fáìlì kan náà ló wà jáde lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Oríkèé tó ń wá ìlà, ìyẹn `Match pattern` nínú `Text parser`, náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì ń rí ìlà 4 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí Telegram ṣe rán 24 nìyẹn.

Ariwo fóònù kọ́ ni wàhálà tó tóbi jù níbẹ̀. Make ń ka gbogbo ìgbà tí oríkèé kọ̀ọ̀kan bá ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kàlẹ́ńdà 1, fáìlì 6, wíwá ìlà 6, Telegram 24. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37 fún òwúrọ̀ kan. Ní ọjọ́ 30, ó di 1,110. Ètò ọ̀fẹ́ Make kò ju 1,000 lọ lóṣù. Bí gbogbo ọjọ́ bá rí bí ọjọ́ yẹn, ẹ̀wọ̀n mi ì bá dúró kí oṣù tó parí, mi ò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó wo ó sàn ni oríkèé tí wọ́n ń pè ní `Text aggregator`. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ `Source Module` sí, ẹ yan `Search Events`. Ní `Row separator`, ẹ yan `New row`. Nínú àpótí `Text`, ẹ fi aago àti àkọlé ìpàdé sí. Bundle 6 á wọlé, ẹyọ kan á jáde, ìlà 6 á sì wà nínú ẹyọ yẹn. Fáìlì á wá wà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. `Match pattern` á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan (ẹ má gbàgbé láti tan `Global match`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa mú), á sì tú bundle 4 síta. `Text aggregator` kejì á kó àwọn 4 yẹn jọ, Telegram á sì rán ẹyọ kan. Oríkèé 6, iṣẹ́ 6, 180 lóṣù. Ẹ ò ní sún mọ́ 1,000 rárá.

Ibì kan wà tí ọwọ́ ti máa ń ṣì. `Source Module` ti aggregator kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ `Text parser`. Tí ẹ bá yan kàlẹ́ńdà níbẹ̀, ohun tí aggregator àkọ́kọ́ ti kó jọ kò ní hàn sí Telegram mọ́, ẹ óò sì máa wá ìpàdé nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín láìrí i. Ẹ ò nílò láti méfò bóyá ó tọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ `Run once`, nọ́ńbà kékeré kan á hàn lórí roboto kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà tó ṣiṣẹ́ ni. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1, ẹ ti ṣe é dáadáa. Tí ẹ bá rí 6 níbì kan, ibẹ̀ gan-an ni kíkójọ ti yẹ kó wáyé.

n8n jọ Make gan-an níbí. Ó ń pe tirẹ̀ ní `item`, ó sì ń ṣe iṣẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan fún item kọ̀ọ̀kan. Òun náà á rán àtẹ̀jíṣẹ́ púpọ̀ tí ẹ kò bá kó wọn jọ. Oríkèé tó ń kó jọ níbẹ̀ ni `Aggregate`, ẹ sì máa yan `All Item Data (Into a Single List)`. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé iye item máa ń hàn lórí okùn tó so oríkèé méjì pọ̀. Ẹ óò rí «6 items» lórí okùn kan àti «1 item» lórí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ óò sì mọ ibi tí ìkójọ ti wáyé láì ṣí ohunkóhun.

Ìyàtọ̀ wọn ni pé, lẹ́yìn tí `Aggregate` bá ti kó ìpàdé jọ, àkójọ data ló fún yín, kì í ṣe ìlà ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ di ìlà, ibẹ̀ sì ni kóòdù ti yọjú díẹ̀ nínú ohun èlò tí wọ́n ní kò nílò kóòdù. Èyí ni mo kọ sínú àpótí ọ̀rọ̀ Telegram:

```
{{ $('Aggregate').first().json.data
   .filter(e => e.start)
   .map(e => (e.start.dateTime
     ? e.start.dateTime.slice(11,16)
     : 'Gbogbo ọjọ́') + '  ' + e.summary)
   .join('\n') || 'Kò sí ìpàdé lónìí' }}
```

Ti fáìlì kò le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí `Extract from File` bá ti sọ fáìlì di ọ̀rọ̀, ìlà kan ti tó:

```
{{ $json.data.split('\n')
   .filter(l => l.startsWith('- [ ]'))
   .join('\n') || 'Kò sí iṣẹ́' }}
```

Ẹni tí èyí kò bá bà lẹ́rù máa gbádùn n8n, torí ọwọ́ rẹ̀ á tẹ gbogbo ohun tó bá fẹ́. Ẹni tó bá rí i tí ojú rẹ̀ ṣú, kí ó padà sí Make láìjáfara. Mi ò sọ èyí láti fi bu ẹnikẹ́ni kù. Ìjábọ̀ òwúrọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ máa tún ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹ ti gbàgbé bí ẹ ṣe so ó. Ó yẹ kó jẹ́ ohun tí ẹ lè kà tó yé yín nígbà náà.

Shortcuts ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. `Find Calendar Events` ń mú àkójọ kan wá, odindi, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì ń gba odindi àkójọ náà. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi `Repeat with Each` sí i. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde ń kó ara rẹ̀ jọ sínú `Repeat Results`. Ẹ fi `Combine Text` so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú `New Lines`, ó parí. Nínú Shortcuts, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè rán àtẹ̀jíṣẹ́ 6 ni kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé ìgbésẹ̀ ìfiránṣẹ́ sínú `Repeat`. Fún ẹni tó ń ṣe irú nǹkan yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí gan-an ni ìwà tó dáa jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## Ohun tí kàlẹ́ńdà ń fi pa mọ́

Ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń wáyé ní gbogbo ọjọ́ Ajé kì í ṣe ìpàdé 52 nínú Google Calendar. Ẹyọ kan ni, tó ní òfin «máa tún wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀». Tí oríkèé yín kò bá sọ pé kí wọ́n tú u palẹ̀, ẹyọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fún yín, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ́kọ́ wáyé. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ni pé ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ á gbé ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́ dání. Nínú Make, ẹ tan `Single Events`. Nínú n8n, ẹ wo inú àwọn àṣàyàn oríkèé kàlẹ́ńdà fún ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ìpàdé tó ń tún ara rẹ̀ wáyé. Títú u palẹ̀ ló tún ń jẹ́ kí ẹ lè tò ó bí wakàtí ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Google kì í gbà láti fi àkókò ìbẹ̀rẹ̀ to àwọn ìpàdé tí wọn kò bá tíì tú wọn palẹ̀. Shortcuts kò ní wàhálà yìí, torí kàlẹ́ńdà inú fóònù ti tú wọn palẹ̀ fún un.

Ìpàdé odindi ọjọ́ ni èkejì. Ọjọ́ ìbí ìyá kò ní `start.dateTime`. `start.date` nìkan ló ní. Ẹni tó bá béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀ á gba òfìfo, tàbí kí ẹ̀wọ̀n dúró pẹ̀lú àṣìṣe ní ọjọ́ ìbí ìyá gan-an. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa `dateTime` fi wà nínú kóòdù òkè yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó gba ọjọ́ mẹ́ta, bí àpẹẹrẹ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá tó máa parí lọ́la. Níbí, Make àti n8n borí. Nígbà tí Google bá gba ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àkókò tí ẹ ń wá, ìgbà tí ìpàdé *parí* ló ń fi wé ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó *bẹ̀rẹ̀* ló sì ń fi wé òpin. Ohun tó bá ti kan òní rárá á jáde. Nínú Shortcuts, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ yan ni `Start Date is today`, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ lánàá kò sì sí nínú ìyẹn. Ìjábọ̀ á sọ fún yín pé ọwọ́ yín dilẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí àga ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kí ẹ wà. Tí irú ètò báyìí bá pọ̀ nínú kàlẹ́ńdà yín, ẹ ka èyí sí ìdí tó lágbára láti má ṣe yan Shortcuts, tàbí kí ẹ ṣe ìwákiri kejì fún ohun tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òní tí kò tíì parí.

## Telegram tàbí WhatsApp?

WhatsApp ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè, torí ibẹ̀ ni wọ́n wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí WhatsApp ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ wà fún iléeṣẹ́ àti oníbàárà wọn. Tí wákàtí 24 bá ti kọjá lẹ́yìn tí ẹ kọ̀wé sí nọ́ńbà náà gbẹ̀yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí àpẹẹrẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè wọlé. Ohun tí ẹ sì máa fi sí àlàfo inú àpẹẹrẹ náà kò gbọ́dọ̀ ní ìlà tuntun. Ìjábọ̀ wa, ìlà lórí ìlà ni. Ìpàdé 6 tó rọ́ mọ́ra sórí ìlà kan kì í ṣe ohun tí ojú oorun lè kà.

Telegram rọrùn púpọ̀. Ẹ kọ̀wé sí BotFather, ẹ tẹ `/newbot`, ẹ sọ bọ́ọ̀tì yín lórúkọ, ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́ọ̀tì náà kí ẹ sì tẹ `Start`. Ẹ má fò ó. Bọ́ọ̀tì Telegram kò lè kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹni náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Nọ́ńbà tó dúró fún yín, ìyẹn `chat id`, á hàn tí ẹ bá ṣí èyí lẹ́yìn tí ẹ ti kí bọ́ọ̀tì náà:

```
https://api.telegram.org/bot<TOKEN>/getUpdates
```

Make àti n8n ní oríkèé Telegram tiwọn. Nínú Shortcuts, `Get Contents of URL` ni ẹ máa fi rán an, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀tì á wà ní gbangba nínú shortcut náà. Tí ẹ bá fi shortcut yẹn ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, ẹ ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ka ìjábọ̀, `Show Notification` tàbí `Send Message` sí nọ́ńbà ara yín tó, kò sí ìdí fún bọ́ọ̀tì.

Ohun kan tó máa ń da àwọn tó ń lo n8n láàmú: oríkèé Telegram rẹ̀ máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ bí ìgbà tí àwọn àmì bíi `_` àti `*` bá ní ìtumọ̀ tó kọjá ara wọn. Bí orúkọ ìpàdé kan bá jẹ́ `iroyin_osu`, àmì yẹn ṣí, kò sì padé. Telegram á kọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, á dáhùn pé `can't parse entities`. Ẹ ṣí àwọn àṣàyàn oríkèé náà, ẹ yí `Parse Mode` sí `HTML`. Àmì `<` àti `&` ni ẹ máa wá ṣọ́ra fún, àwọn yẹn kì í sì í sábà wà nínú orúkọ ìpàdé. Níbẹ̀ náà lẹ ti lè pa ìlà tí n8n máa ń fi sẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ láti fi sọ pé òun ló rán an.

## Nígbà tí fóònù bá dákẹ́

Mo kórìíra ìdákẹ́jẹ́ ju àtẹ̀jíṣẹ́ 24 lọ. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ óò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ óò rò pé ọjọ́ náà ṣófo. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ dé lójoojúmọ́, kódà kó jẹ́ «Kò sí ìpàdé lónìí» nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí kò bá wá dé, mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ló já.

n8n kì í ṣe èyí fúnra rẹ̀. Tí oríkèé kàlẹ́ńdà kò bá rí nǹkan kan, kò sí item tó jáde, gbogbo oríkèé ẹ̀yìn rẹ̀ á sì jókòó láìṣe ohunkóhun. Ẹ ṣí `Settings` ti oríkèé náà, ẹ tan `Always Output Data`. Á tú item òfìfo kan síta, `filter` inú kóòdù òkè á yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ «Kò sí ìpàdé lónìí» á sì gba ipò rẹ̀. Nínú Make, ẹ rí i dájú pé ẹ kò tan `Stop processing after an empty aggregation` lára aggregator, kí ẹ sì fi ọjọ́ tó ṣófo dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Nínú Shortcuts, `If` kan tó ń wò bóyá àkójọ náà ní nǹkan nínú ti tó.

Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń pa ọ̀pọ̀ n8n orí sáfà aládàáni wà nínú àṣẹ tí Google fún wọn. Ẹni tó bá gbé n8n kalẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google kó tó lè so kàlẹ́ńdà. Tí iṣẹ́ náà bá ṣì wà ní ipò `Testing`, àṣẹ náà kì í lò ju ọjọ́ 7 lọ. Ìjábọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò yin ara yín, lọ́jọ́ kẹjọ ó dákẹ́. Ẹ óò tún un so, ó tún dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mìíràn. Tí ẹ bá rí i pé ó ń kú ní gbogbo ọjọ́ méje, ẹ má wá ẹ̀bi sínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ lọ yí ipò iṣẹ́ náà sí `In production` lọ́dọ̀ Google, kí ẹ sì tún kàlẹ́ńdà so lẹ́ẹ̀kan sí i.

Aago náà ń fa tirẹ̀. n8n tí ẹ gbé kalẹ̀ fúnra yín ń lo aago `America/New_York` títí ẹ ó fi yí i padà. Àṣìṣe yìí máa ń so èso méjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ 06:30 á dé ní wákàtí mìíràn, ẹ óò tètè rí ìyẹn. Èyí tó farasin ni pé ibi tí «òní» ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí náà á yẹ̀, ìpàdé àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ti alẹ́ á sì bọ́ sí ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ yí `Timezone` nínú àṣàyàn ẹ̀wọ̀n náà, tàbí kí ẹ yàn án fún gbogbo sáfà pẹ̀lú `GENERIC_TIMEZONE`. Make ní ti àjọ àti ti ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí méjèèjì bára mu.

Ní ti Shortcuts, ohun tó ń mú un dákẹ́ ni fóònù fúnra rẹ̀. Tó bá kú lóru, kò sí ìjábọ̀. Tí ẹ bá gbàgbé láti yan `Run Immediately` nígbà tí ẹ ń ṣètò `Time of Day`, á máa béèrè ìyọ̀ǹda kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn ìgbésẹ̀ kan sì wà tí fóònù kì í ṣe nígbà tó bá wà ní títì. Fún ìdí yìí, mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n fi sí àkókò tí fóònù máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Fún ẹnì kan, 06:45 lè sàn ju 06:30 lọ.

## Tá ni kó mú èwo?

| | Make | n8n | Shortcuts |
|---|---|---|---|
| Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ | Íńtánẹ́ẹ̀tì | Sáfà yín | iPhone yín |
| Ìpàdé 6 | Ẹ fi `Text aggregator` kó o jọ | Ẹ fi `Aggregate` àti kóòdù díẹ̀ kó o jọ | Ó ń kó ara rẹ̀ jọ |
| Òdiwọ̀n ọ̀fẹ́ | 1,000 lóṣù | Kò sí, sáfà lẹ ń sanwó rẹ̀ | Kò sí |
| Ètò ọlọ́jọ́ mẹ́ta | Ó ń rí i | Ó ń rí i | Kò rí i àyàfi tí ẹ bá fi kún un |
| Ohun tó máa ń mú un dákẹ́ | Iye iṣẹ́ tó tán | Àṣẹ Google, aago | Fóònù tó kú tàbí tó wà ní títì |

Tí ẹ bá ní iPhone, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ka ìjábọ̀ náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Shortcuts. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kàlẹ́ńdà iṣẹ́ àti ti ilé tó ti wà lórí fóònù yín á sì jáde papọ̀ láìjẹ́ pé ẹ so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé òun ló yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni mò ń lò fúnra mi.

Tí fóònù yín kì í bá ṣe iPhone, tàbí tí ìjábọ̀ náà bá máa lọ sí àwùjọ èèyàn bíi márùn-ún, ẹ mú Make. Oríkèé mẹ́fà tí mo ṣàlàyé lókè kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín á wo ojú ìwé náà, á sì yé e. Ohun tí ẹ fi dí i ni pé kọ́kọ́rọ́ kàlẹ́ńdà yín wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn. Tí kàlẹ́ńdà náà bá ní orúkọ aláìsàn tàbí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tí ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ ò ní tú síta, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni n8n yẹ, àwọn àti ẹni tó ti ní sáfà tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ ra sáfà tuntun torí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lójúmọ́, ẹ máa ṣètọ́jú rẹ̀, ẹ máa fi àtúnṣe tuntun sí i, ẹ máa ṣọ́ bóyá ó ṣì wà láàyè: iṣẹ́ yẹn ju èyí tí ìjábọ̀ máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin dán an wò kí ẹ tó pa ọ̀nà àtijọ́ tì. Ẹ wá ọjọ́ tó ní ìpàdé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló dé. Ẹ wá ọjọ́ tí kò ní nǹkan kan, ẹ rí i pé ó ṣì dé. Ẹ fi ètò odindi ọjọ́ sí ẹ̀kẹta, àti ètò tó bẹ̀rẹ̀ lánàá sí ẹ̀kẹrin. Tó bá jẹ́ n8n ni, ẹ kọ ọjọ́ kẹjọ sínú kàlẹ́ńdà yín pé «wò ó bóyá ìjábọ̀ dé». Ó máa jáde nínú ìjábọ̀ náà fúnra rẹ̀, tí ìjábọ̀ bá ṣì wà.